Èsúsú Ẹni Mẹ́wàá: Ta Ló Ń San Èlé, Ta Ló Ń Ru Ewu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Aránṣọ ni mí ní Abẹ́òkúta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan pè mí sí èsúsú ẹni mẹ́wàá, ₦50,000 lóṣooṣù. Ipò kẹsàn-án ni wọ́n fi mí sí nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, olórí èsúsú fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kó. Ẹnì kan tún dábàá pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ tètè kó máa fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ṣé wọn kò rẹ́ mi jẹ báyìí? Ṣé kí n bá wọn dá a?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Wọn kò rẹ́ yín jẹ bí wọ́n ṣe fi yín sí ipò kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ipò náà ní iye tí yóò mú lọ lọ́wọ́ yín, ó sì yẹ kí ẹ mọ iye náà kí ẹ tó gbà á. Pé olórí èsúsú ni yóò kọ́kọ́ kó lè tọ́, ó sì lè má tọ́. Ohun kan ṣoṣo ni yóò fi èyí hàn, n ó sì sọ ọ́. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù nínú ohun tí ẹ kọ ni àbá ẹni tí ó ní kí wọ́n máa fi owó du ipò iwájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn èsúsú kan tí àwọn obìnrin ọlọ́jà mẹ́wàá dá ní Ìbàdàn, tí iye owó rẹ̀ bá tiyín mu gẹ́lẹ́, nítorí pé èmi ni wọ́n pè láti bá wọn yẹ ìwé wọn wò nígbà tí ọ̀rọ̀ dàrú.

Kí a má baà da ọ̀rọ̀ pọ̀, èsúsú kì í ṣe àjọ tí alájọ ń gbà káàkiri ọjà. Alájọ ń gba owó lójoojúmọ́, ó ń fa ìlà sí káàdì, nígbà tí oṣù bá sì parí, ó dá owó padà fún olówó, ó mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dá ₦1,000 fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n yóò gba ₦30,000. Níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń fọkàn tán, owó tí kálukú dá náà ni yóò sì gbà. Nínú èsúsú, owó kì í sùn sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti ń kó o jọ ni ẹnì kan ti ń gbé e lọ. Gbogbo ẹni tí kò tíì kó jẹ́ ẹni tí wọ́n jẹ lówó, gbogbo ẹni tí ó ti kó sì jẹ́ onígbèsè, títí èsúsú yóò fi yí ká.

Àwọn obìnrin Ìbàdàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024. Kálukú ń dá ₦50,000 ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹni tí ó kàn a sì gbé ₦500,000 lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Olórí wọn, àgbàlagbà obìnrin kan tí ó ń ta àǹkárá, ni ó kọ́kọ́ kó. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń dá èsúsú láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì wà ní ìsàlẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ó ń ta aṣọ ọmọdé lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó gbẹ̀yìn. Nígbà tí oṣù Kejìlá pé tí ó gba ₦500,000 tirẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn rárá, ó ní ọjà tí òun ti fojú sùn nígbà tí èsúsú bẹ̀rẹ̀, owó náà kò rà á mọ́.

Òótọ́ ni ó sọ. Ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé ní oṣù Kejìlá 2024, iye owó ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kejìlá 2023 lọ. Bí a bá tú ìyẹn sí oṣù kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ nǹkan bíi náírà méjì àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù kan. Nítorí náà, ohun tí ₦50,000 tí olùkọ́ yìí dá ní oṣù Kẹta lè rà nígbà náà, nǹkan bíi ₦62,000 ni yóò rà á ní oṣù Kejìlá. Ti oṣù Kẹrin dín díẹ̀ sí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín lọ títí dé ti oṣù Kejìlá tí ó jẹ́ ₦50,000 géérégé. Bí a bá ro mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, tí a sì fi ojú owó oṣù Kejìlá wò ó, ohun tí ó dá tó nǹkan bíi ₦560,000, ₦500,000 ni ó sì gbà. ₦60,000 ti lọ. Ibo ni ó lọ? Olórí tí ó kó ní oṣù Kẹta gbé ₦500,000 tí agbára rẹ̀ tó ₦624,000 ti oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ ₦560,000 kan náà ni òun pẹ̀lú dá. Ó jèrè nǹkan bíi ₦64,000. Ẹni tí ó wà ní ipò karùn-ún tàbí ìkẹfà kò jèrè púpọ̀, kò sì pàdánù púpọ̀. Ẹni tí ó wà ní ipò kẹsàn-án, tí í ṣe ipò tiyín, pàdánù nǹkan bíi ₦48,000.

Èlé inú èsúsú nìyẹn. Kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀, kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹni ìsàlẹ̀ ń san án fún àwọn ẹni òkè lóṣooṣù. Kí a sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ₦48,000 yẹn ni a lè dá èsúsú lẹ́bi fún, nítorí pé owó tí ẹ bá fi sí abẹ́ ìrọ̀rí nínú ilé yóò dín ní agbára bákan náà. Bákan náà, bí ọjà kò bá gbóná tó ti ọdún 2024, iye náà yóò rọlẹ̀; bí ó bá jẹ́ náírà kan àti kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ni ọjà fi ń gòkè, ipò kẹsàn-án yóò pàdánù nǹkan bíi ₦23,000 péré. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó nílò owó lójú ẹsẹ̀, ipò àkọ́kọ́ níye lórí ju ₦64,000 lọ dáadáa. Ẹ wò ó báyìí: ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ti dá ₦50,000 tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ₦450,000 ni ó yá ní ti gidi, yóò sì san án fún oṣù mẹ́sàn-án. Bí ó bá tọ àwọn asọgúndogójì lọ, tí wọ́n sì ní kí ó máa san náírà márùn-ún lóṣooṣù lórí ọgọ́rùn-ún tí ó yá, láìka ohun tí ó bá ti san padà sí, èlé nìkan yóò tó ₦202,500. Nínú èsúsú, kò san kọ́bọ̀ kan lé e. Ìdí nìyí tí ìjà fi máa ń wà lórí ipò iwájú, ìdí náà sì nìyí tí ó fi rọrùn láti ronú pé ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ san nǹkan.

Kí ni ó wá dé tí wọ́n fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìsàlẹ̀? Ẹ ka gbèsè tí ó wà lọ́rùn kálukú lọ́jọ́ tí ó bá kó. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ ₦450,000. Ẹni karùn-ún jẹ ₦250,000. Ẹni kẹsàn-án jẹ ₦50,000 péré, ẹni kẹwàá kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ẹ bá wà ní ipò kẹsàn-án, tí ẹ sì jẹ́ ènìyàn burúkú (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ lè pa lára, ìpalára náà kò sì ju ₦50,000 lọ. Wọn kò tíì mọ̀ yín, wọ́n sì fi yín sí ibi tí àìmọ̀ yẹn kò ti lè ba èsúsú jẹ́. Èlé tí ẹ ń san ni owó àìmọ̀. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin tí ewu yín kéré jù fún àwọn yòókù ni ẹ ń ru ewu tí ó pọ̀ jù láti ọ̀dọ̀ wọn: nígbà tí oṣù kẹjọ bá parí, ₦400,000 yín ti wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́jọ, tí gbogbo wọn ti kó tiwọn lọ sílé. Ibi tí ipò olórí ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nínú èsúsú Ìbàdàn, lọ́dún 2024 yẹn kan náà, ọ̀kan nínú wọn tí ó ń ta ata ṣàìsàn. Ó ti kó ní ipò kẹta, kò sì rí owó dá ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án. Àwọn tí wọ́n kó ní oṣù méjèèjì náà gba ₦500,000 wọn pé, torí pé olórí fi ₦100,000 láti inú àpò ara rẹ̀ dí àlàfo náà, ó sì gbà á padà lọ́wọ́ aláta náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di oṣù Kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kùn pé olórí ń fi ipò jẹun kò ro èyí mọ́ ọn. Nǹkan bíi ₦64,000 tí ipò àkọ́kọ́ fi kún agbára owó rẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀ fún gbígbé ewu gbogbo wọn sí èjìká. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi olórí tiyín ni pé: bí ẹnì kan bá kó tán tí kò dá mọ́, ṣé ẹ̀yin ni ẹ máa dí i? Bí ó bá ní òun ni, tí ó sì ní ohun tí ó lè fi dí i, ipò àkọ́kọ́ tọ́ sí i. Bí ó bá ní kálukú ni yóò fara mọ́ ohun tí ó bá bá a, a jẹ́ pé èlé ni ó ń gbà láìṣe iṣẹ́ tí èlé náà wà fún.

Olùkọ́ wa ni ó mú àbá tuntun wá nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì ní oṣù Kejì 2025. Ó ní kí wọ́n má fi ipò àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ olórí mọ́, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ sọ iye tí yóò fi sílẹ̀ nínú ₦500,000, kí iye tí ó pọ̀ jù borí, kí àwọn mẹ́sàn-án yòókù sì pín in. Ó jọ ìdájọ́ òdodo. Ẹnì kan ń jèrè, ẹlòmíràn ń pàdánù, ó yẹ kí ẹni tí ó ń jèrè tu ẹni tí ó ń pàdánù nínú. Ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ sí i.

Ohun mẹ́ta ni àbá yìí mú kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì fura. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ní èlé gbangba nìyí, ẹ̀sìn àwọn kò sì gbà á. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ yọ ara wọn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìyípo àkọ́kọ́, àwọn méjì yìí ni wọn kò pẹ́ dá owó rí. Àwọn méjì mìíràn láti ìta ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà ni olórí sọ pé nígbà tí òun kò bá ti ní ipò àkọ́kọ́ mọ́, òun kò lè máa fi owó òun dí àlàfo fún ẹnikẹ́ni, ó sì lọ sí ipò kẹwàá. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ onídùúró tì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá máa kó nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá tí yóò dúró fún un. Ní báyìí, wọ́n ní ẹni tí ó ti san owó lé ipò kò tún nílò onídùúró.

Ìdíje náà bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ní òun yóò fi ₦18,000 sílẹ̀, torí pé òun fẹ́ ra aṣọ Ọdún Àjíǹde. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ó ń ta bàtà, ní òun yóò fi ₦72,000 sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé ₦428,000 lọ, ₦8,000 sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ó dá tirẹ̀ ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún, kò wá. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì, fóònù rẹ̀ kò sì lọ.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. ₦150,000 ni ó dá lápapọ̀, ₦428,000 ni ó kó. Oṣù méje ni ó kù tí kò dá, èyí tí í ṣe ₦350,000. Àwọn méje tí wọn kò tíì kó ni ó gbé ìyà náà, nítorí pé láti oṣù náà lọ, ₦450,000 ni àpapọ̀ owó dípò ₦500,000. Kálukú wọn ti gba ₦8,000 ní oṣù Kejì, wọ́n sì wá pàdánù ₦50,000. Àwọn méjì tí wọ́n ti kó ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, tí olùkọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò pàdánù nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ wá di ti ta ni yóò ru ú, èyí tí kò sẹ́ni tí ó kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ jù lọ nìyí. Ṣé ₦8,000 yẹn kéré jù ni? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mẹ́fà bá wá du ipò, tí márùn-ún nínú wọn sì dá owó wọn pé, tí ẹnì kan ṣoṣo sá lọ, ₦48,000 ni ẹ ó ti gbà lọ́wọ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti fi bo ₦50,000 tí ẹ pàdánù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà, lójú ìṣirò lásán, owó náà tó bí ẹnì kan nínú mẹ́fà bá ń sá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó tí wọ́n fi ń du ipò ni ó ń yan ẹni tí yóò gba ipò náà. Fún olùkọ́ tí ó ti pinnu láti dá owó rẹ̀ pé títí dé òpin, gbogbo náírà tí ó bá fi sílẹ̀ yóò jáde láti inú èrè ọjà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dúró ní ₦18,000. Fún ẹni tí kò dá a lójú pé òun yóò lè dá a pé, ₦72,000 yẹn kò ti àpò rẹ̀ jáde. Inú owó àwọn tí ó ń yá a ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ṣe ń ronú láti má san gbèsè tó ni kò fi ní bẹ̀rù èlé tó. Bí ẹ bá wá ń gbé èlé sókè kí ó lè bo ewu, àwọn tí ó dá lójú pé wọn yóò san ni yóò kọ́kọ́ jáde, ewu àwọn tí ó kù yóò sì ju èlé tí ẹ gbé sókè lọ.

Àmì kò sì ṣàì hàn. Nígbà tí mo yẹ ìwé náà wò, mo rí i pé ₦50,000 àkọ́kọ́ tí oníbàtà náà dá wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì, ₦30,000 lọ́jọ́ kan àti ₦20,000 lọ́jọ́ kejì, èyí kejì sì wá láti inú àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti bẹ olórí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba owó náà ní Ọjọ́bọ̀ dípò Sátidé. Ó tún hàn lẹ́yìn náà pé ó ti jẹ asọgúndogójì méjì ní gbèsè, wọn kò sì yá a mọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó ń yára jù láti kó, tí ó sì ń fa ẹsẹ̀ láti dá, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye tí ó dárúkọ wọ̀ yín lójú.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó mọ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ni ó mú wọn lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kò ṣe onídùúró fún un, kò sì jẹ wọ́n ní nǹkan kan lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ojú tì í, ó sì san ₦140,000 ní ìdá mẹ́rin. ₦20,000 padà sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méje náà. Ìyókù wọlẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ọjà náà ti dí mọ́ oníbàtà yìí, kò sẹ́ni tí yóò tún gbà á sí èsúsú níbẹ̀. Ohun tí ó so ìyípo àkọ́kọ́ ró nìyí, tí kò sí fún ẹni tí kò ní ohun tí yóò pàdánù mọ́: bí gbogbo wọn bá mọ̀ pé ìyípo mìíràn ń bọ̀, ẹni tí ó bá sá lọ sọ gbogbo ipò tí ì bá kó lọ́jọ́ iwájú nù.

Nígbà tí wọ́n tún un tò, wọn kò fi owó du ipò mọ́, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n yọ ara wọn sì padà wá. Olórí padà sí ipò àkọ́kọ́, ó sì buwọ́ lùwé pé òun ni yóò máa dí àlàfo lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà ní ipò kejì sí ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ ní onídùúró láàárín ẹgbẹ́, onídùúró náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kó lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti ń dún lọ. Bí ẹni ipò kejì bá dá owó ní ìgbà mẹ́rin tí ó sì sá, ₦300,000 ni ó kù lọ́rùn rẹ̀. Bí onídùúró rẹ̀ bá wà ní ipò kẹjọ, olórí yóò dí oṣù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje, wọn yóò sì yọ ₦300,000 láti inú ₦500,000 onídùúró lọ́jọ́ tí ó bá kó, kí wọ́n fi san ti olórí padà, kí wọ́n sì tọ́jú ìyókù fún oṣù mẹ́ta tí ó kù. Onídùúró tí ó bá ti kó tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ohun tí wọn yóò mú lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ dúró fún ẹni méjì, nítorí pé owó rẹ̀ kò ní tó.

Ní ti èlé, yíyí ipò padà ni wọ́n fi tún un ṣe. Yàtọ̀ sí olórí, ẹni tí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ ní ìyípo kan yóò lọ sókè ní èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọjà bá ń gòkè bákan náà, nǹkan bíi ₦48,000 tí ipò kẹsàn-án pàdánù, nǹkan bíi ₦49,000 ni ipò kejì yóò fi jèrè. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́, kò sì sí èlé tí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni yóò kọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìlérí ni. Bí ẹgbẹ́ náà bá tú ká lẹ́yìn ìyípo kan, ẹni ìsàlẹ̀ kò ní rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan tún wà nínú rẹ̀: nígbà tí ó bá máa fi dé òkè, wọ́n ti rí i tí ó dá owó rẹ̀ pé ní ìgbà mẹ́wàá.

Ní tiyín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni ẹ fẹ́ fi owó náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ máṣíìnì tí iṣẹ́ yín nílò láàárín oṣù mẹ́ta ni, ipò kẹsàn-án kò wúlò fún yín, kí ẹ sì má gbà á pẹ̀lú ìrètí pé ẹnì kan yóò bá yín pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó owó jọ, tí ẹ sì mọ̀ pé bí kò bá sí èsúsú ẹ ó ná an, ipò náà kò burú. Ẹ lọ bá olórí kí ẹ tó dá kọ́bọ̀ kan, kí ẹ sì bi í ní ohun mẹ́ta: ṣé òun ni yóò dí àlàfo, ta ni onídùúró ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, àti pé ṣé wọn yóò yí ipò padà ní ìyípo kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé èsúsú, kí gbogbo ẹni mẹ́wàá sì fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ fífi owó du ipò, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Bí olórí bá dáhùn ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ẹ bá wọn dá a. Bí ó bá dáhùn ti àlàfo dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣèlérí pé wọn yóò yí ipò padà, ẹ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó jọ mú ipò méjì, bí ìkẹrin àti ìkẹsàn-án, kí kálukú yín máa dá ₦25,000 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa pín owó kọ̀ọ̀kan sí méjì. Báyìí, ẹ ó rí ₦250,000 ní oṣù kẹrin, ẹ ó sì rí ₦250,000 ní oṣù kẹsàn-án, èlé tí ẹ ó san yóò dín kù gidigidi, owó yín tí yóò wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí oṣù kẹjọ bá parí yóò sì jẹ́ ₦150,000 dípò ₦400,000. Bí kò bá wá lè sọ ẹni tí yóò dí àlàfo, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gbé ₦50,000 yín lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pamọ́, tí wọ́n sì ń yá wọn ní ìlọ́po ohun tí wọ́n bá ti fi pamọ́.